Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta tí A Tún Kọ sí Àwọn Olùkọ́ Àbúrò Mi

Ọmọ mi wà lẹ́nu ọmú nígbà tí àbúrò mi obìnrin na fóònù rẹ̀ sí mi. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo wà, ní Sakété, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni, fótókópì, ká bá èèyàn kọ lẹ́tà tó fẹ́ mú lọ sí ọ́fíìsì. Pobẹ̀ ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, alùpùpù akérò tí a ń pè ní zẹ́mìjàn ló sì ń gbé mi wá láràárọ̀, ọmọ lẹ́yìn, báàgì nítan. Ibi tí mo kàwé dé kò kọjá ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àbúrò mi ló kọjá ibẹ̀. Òun ni gbogbo wa ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan yìí," ló wí. "Mo kọ̀wé sí Mùsíò kan, olùkọ́ wa, láti àná. Ó ti kà á, kò fèsì. Kí ni mo ṣe fún un?"

Mo ní kó jókòó. Ó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lọ́nà Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn bí a ṣe ń sọ irè oko di oúnjẹ inú pálí àti inú ọ̀rá. Kí wọ́n tó fún un ní oyè, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìkọ́ṣẹ́, ohun tí àwọn ń pè ní sitáàjì, ní ilé iṣẹ́ kan, kó sì kọ ìwé lórí ohun tó rí níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí àti ìyẹ̀fun ti dá a lóhùn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kó mú ìwé ìjẹ́rìí méjì wá láti ọwọ́ àwọn olùkọ́ rẹ̀, kí ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ ti olùkọ́ tó darí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe níbi ẹ̀rọ. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà gbọ́dọ̀ dé. Ọjọ́ Ajé la wà. Olùkọ́ mẹ́ta ló ní òun fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn, bí ọ̀kan bá lọ kọ̀.

Ìyá wa ń dá gàrí ní Yókò. Láti ìgbà tí mo ti mọ ojú rẹ̀ ni èéfín ti wà nínú rẹ̀. Ó ti sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé ọmọ òun máa lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń dá gàrí, tí wọn kì í sunkún nídìí iná. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi sọ pé olùkọ́ kò fèsì, ojú ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí.

Mo wá ka ohun tó kọ. Faransé ni, irú Faransé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń jẹ lẹ́nu bíi gọ́ọ̀mù. Mo yí i sí èdè wa níhìn-ín, ṣùgbọ́n n kò fọ̀ ọ́ mọ́. Bó ṣe rí ló wà:

"Ọ̀gá mi, báwo nǹkan? Ṣé ẹ wà pa? Èmi ni o, ọmọ tó máa ń jókòó lẹ́yìn nì. Ọ̀rọ̀ sitáàjì ti gbóná mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ bá mi já lẹ́tà kan, ẹ ní mo mọ̀wé gidi gan-an. Kíá kíá nà. Ẹ má dá mi lágara o."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú mẹ́rin tí ń rẹ́rìn-ín, ìyẹn àwọn ojú ofeefee inú fóònù.

Ó rí mi lára. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn ún gbọ́. Ó rí mi lára bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tí ó rí i pé ó ti bà. Mo mọ olùkọ́ náà. Àgbàlagbà ni, ìṣirò ló ń kọ́ wọn, ó ti mú ìwé wá tẹ̀ lọ́dọ̀ wa rí, ó sì kí èmi tí mo jẹ́ ọmọdé, ó dúró títí mo fi parí, ó dúpẹ́.

"Ta lo kọ èyí sí?" ni mo bi í. "Ẹni tó ń ta káàdì fóònù ní ìta yìí ni?"

"Báyìí la ṣe ń kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ayé ti yí."

"Ayé yí, olùkọ́ rẹ ò yí. Ó kà á, ó dákẹ́. Ìwọ fúnra rẹ, bí ọmọ kékeré kan bá kọ irú èyí sí ọ, ṣé o máa jẹ́rìí fún un?"

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń dúró de fótókópì ìbéèrè ìdánwò tiwọn. Ó na ọrùn. "'Ẹ bá mi já lẹ́tà kan,'" ló ń tún un sọ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí ìgbà tí wọ́n ń já ewé ẹ̀fọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ mójú tó ìdánwò yín," ni àbúrò mi wí. Ojú tì í, mo rí i.

Ó ṣí èkejì fún mi. Èyí kò tíì lọ, ó ṣì wà níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́. Obìnrin ni olùkọ́ náà, òun ló ń kọ́ wọn nípa ìmọ́tótó oúnjẹ, òun ló sì máa ń lé àbúrò mi jáde bó bá pẹ́ dé.

"Màmá wa, ẹ ò rí mi ṣá? Mo mọ̀ pé ẹ máa ń gbóná sí mi ní kíláàsì ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó lọ, àwa náà ò bínú. Lẹ́tà kékeré ni mo fẹ́. Ẹ ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi á kọ ọ́ fúnra mi, tiyín ni kẹ́ ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ yín pa."

"'Àwa náà ò bínú,'" ni mo wí. "O ṣeun tí ìwọ ò bínú sí olùkọ́ rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi tún un ṣe."

Mo gbé ọmọ sí èjìká kejì. Mo sọ fún un pé kó gbàgbé ohun tó kọ, kó fẹnu sọ fún mi, bí ẹni tó dúró níwájú tábìlì àgbàlagbà náà. Ta ni ìwọ? Kí ló kọ́ ọ, nígbà wo, báwo lo ṣe ṣe é? Kí lo ń wá, níbo, kó dé ìgbà wo? Ó sọ ọ́ dáadáa. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn: ọmọ náà mọ ohun gbogbo, ó kàn fi èérí bò ó. Mo tún sọ fún un pé kó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olùkọ́ láti kọ̀. Ẹni tí a kò fún láyè láti sọ pé rárá, tipátipá ló máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà ẹni tí a fi tipá mú kì í sì í ṣe lẹ́tà tó dára.

"Ṣé kí n ní ẹ kọ ọ́ pé mo mọ̀wé?" ló bi mí.

"Òun ni yóò sọ ìyẹn. Tìrẹ ni kí o fi èsì ìdánwò rẹ hàn án."

Báyìí la ṣe kọ ti àgbàlagbà náà. Ibi tí orúkọ wà, mo fi í sílẹ̀:

"Mùsíò, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí fún ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí yín lánàá, kò bọ̀wọ̀ fún yín. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tí ẹ kọ́ ní ìṣirò lọ́dún tó kọjá. Mo gba mẹ́rìnlá nínú ogún. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe gàrí àti ìyẹ̀fun fẹ́ gbà mí fún ìkọ́ṣẹ́, wọ́n sì ń béèrè ìwé ìjẹ́rìí láti ọwọ́ àwọn olùkọ́ mi, kó dé ọ̀dọ̀ wọn títí di ọjọ́ Ẹtì. Mo mọ̀ pé àkókò ti kúrú, ẹ̀bi mi sì ni. Bí àyè bá gbà yín, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi kọ ọ̀kan. Mo fi èsì ìdánwò mi, ìwé tó sọ nípa ẹ̀kọ́ mi, àti ohun tí ilé iṣẹ́ náà kọ sí mi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá sì ní ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n lè tọ olùkọ́ mìíràn lọ. Ẹ ṣeun, Mùsíò."

Ti obìnrin náà kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. A yọ ìfẹ́ kúrò níbẹ̀. A kò sọ pé lẹ́tà náà kéré, a kò sì sọ pé kí obìnrin náà tọwọ́ bọ ohun tí kò kọ. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló mú ìlà kan wá tí mo fẹ́ràn:

"Màdáámù, mo mọ̀ pé mo pẹ́ dé kíláàsì yín nígbà púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Láti ìgbà tí ẹ bá mi sọ̀rọ̀, n kò pẹ́ mọ́. Bí ẹ bá rò pé ẹ lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, pẹ̀lú ohun tó dára àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó, inú mi yóò dùn."

Tíṣà tó ń dúró de fótókópì sọ pé, "Ìyẹn dáa. Èmi ì bá kọ fún ọ." Àbúrò mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó wọlé. Ó fi méjèèjì ránṣẹ́.

"Ẹ̀kẹta, ti olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín, dà?" ni mo wí.

"Ẹ̀kẹta ti yanjú. Ó ti fèsì."

"Jẹ́ kí n rí i."

"Ó ti fèsì, mo ní."

Ohùn rẹ̀ ni kò jọ tẹni tí nǹkan ti yanjú fún. Mo na ọwọ́. Ó gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́, ó sì yíjú sí títì, ó ń wo àwọn tó ń já àpò àgbàdo nínú ọkọ̀.

Ohun tó kọ nìyí: "Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, o wà ńbẹ̀? Fún mi ní lẹ́tà sitáàjì jàre. O mọ̀ pé èmi ni ọmọ rere rẹ. Bí o bá ṣe é, màá ra omi tútù fún ọ. Má jẹ́ kí n bínú o." Olùkọ́ ni ó ń pè ní o. Mo ti la ẹnu láti bú u. Ṣùgbọ́n ìka mi ti ti ojú fóònù náà sókè, mo fẹ́ rí irú ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, mo sì rí ohun tí ọkùnrin náà ti ń kọ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

"Má pè mí ní Mùsíò mọ́, ó ń sọ mí di arúgbó." Ìyẹn ni àkọ́kọ́. Àbúrò mi fèsì pé, "Ẹ má bínú, Mùsíò, kò lè ṣeé ṣe." Ọkùnrin náà ní, "O tún pè mí ní ẹ. Pè mí ní o, bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Gbogbo wọn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà: "Ọmọ rere mi dà lónìí?" Lẹ́yìn náà: "Aṣọ pupa Ọjọ́bọ̀ yẹn, mi ò rí ohun tí mo ń kọ́ yín mọ́." Àwọn ojú tí ń rẹ́rìn-ín wà nídìí gbogbo rẹ̀, ojú ofeefee kan náà tí àbúrò mi ń fi sí tirẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kórìíra nínú ìwé àbúrò mi, "jàre", "ọmọ rere", "má jẹ́ kí n bínú", ọkùnrin yìí ló ti kọ́kọ́ kọ ọ́.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni èsì tí àbúrò mi pè ní yíyanjú wà: "Lẹ́tà ti wà nílẹ̀. Mi ò kì í fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Wá gbà á nílé mi lọ́la lẹ́yìn kíláàsì, ìyá àwọn ọmọ wà ní Kútọnu. Ìwọ nìkan o. Aṣọ pupa."

Mo gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọmọ mi ń fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ wá ọmú lórí aṣọ mi, ó sì ṣe mí bíi pé kí n kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ kí n tó fi kàn án. Mo lọ. Omi mímu la ní, mo bu díẹ̀ níbẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Nígbà tí mo padà dé, àbúrò mi kò tíì yíjú.

"Ṣé o máa lọ?"

"Mo fẹ́ ní kí ọ̀rẹ́ mi bá mi lọ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Kò fọwọ́ kàn mí. Ó ń ṣeré ni, gbogbo wa ló ń bá ṣeré. Bí mo bá sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní èmi náà ń pè é ní o." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Òun ló darí iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀gbọ́n. Tirẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà ń béèrè. Bí kò bá fún mi, kò sí ìkọ́ṣẹ́. Ẹ fẹ́ kí n sọ kí ni fún màmá?"

Tíṣà ti gba fótókópì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ìsinsìnyí," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni. Kó lọ, kó gba ìwé rẹ̀, kó máa bọ̀."

"Ẹ ní ọmọbìnrin?" ni mo bi í.

"Mo ní méjì."

"Ẹ̀fẹ̀ náà ni ẹ máa pè é?"

Ó wo ìwé ìdánwò tó kó mọ́ abíyá, ó ní ó dàbọ̀, ó jáde. Bí ó ṣe pè é ní ẹ̀fẹ̀ rí mi lára bíi ti ẹni tó kọ ọ́.

Nígbà tí ìbínú mi wálẹ̀ díẹ̀, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ohun kan wà tí a ń ṣe nínú lẹ́tà ọ́fíìsì nílẹ̀ wa níbí, tí mo ti tẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba títí tó fi sú mi. Bí o bá ń kọ̀wé sí ẹni tó ní ọ̀gá lórí, o lè jẹ́ kí ìwé náà gba ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ kọjá. Lábẹ́ orúkọ ẹni tí o ń kọ ọ́ sí, o kọ ọ́ pé "lábẹ́ ọwọ́" ọ̀gá náà. Akọ̀wé á gbà á, á lu òǹtẹ̀ tó ní ọjọ́ lórí, á lu irú òǹtẹ̀ náà sórí ẹ̀dà tí o máa mú lọ, lẹ́yìn náà ni á tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ọ̀wọ̀ ni.

"Olórí ẹ̀ka yín ńkọ́?" ni mo wí. "Ó ní akọ̀wé?"

"Ó ní. Ṣùgbọ́n fún lẹ́tà sitáàjì lásán, ẹ̀gbọ́n? Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"A máa ṣe é."

"Yóò bínú."

"Bóyá."

"Bó bá kọ̀ ńkọ́?"

Mi ò parọ́ fún un. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ó lè kọ̀, ìkọ́ṣẹ́ yìí lè lọ, a sì máa wá òmíràn, ó lè pẹ́, màmá lè sunkún. Mo ní ìwé rẹ̀ ni, òun ló máa sọ bóyá kí n tẹ̀ ẹ́. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé e padà. Ọmọ náà ti di irun rẹ̀ mú. Ó jẹ́ kó máa fà á.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ló wí.

Orí bébà la tẹ̀ ẹ́ sí, a kò fi fóònù kọ ọ́. Òkè, orúkọ olùkọ́ náà pẹ̀lú oyè rẹ̀ ní kíkún, ìsàlẹ̀ rẹ̀, lábẹ́ ọwọ́ olórí ẹ̀ka. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Mùsíò, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín fún ìwé ìjẹ́rìí kan. Mo wà lára àwọn tí ẹ darí nínú iṣẹ́ ọwọ́ ọdún yìí, mo ṣe ìdánwò lórí ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti ìyẹ̀fun, èsì rẹ̀ wà nínú ìwé tí mo so mọ́ èyí. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà mí ń béèrè pé kí olùkọ́ tó darí iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́rìí sí i, títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sínú àpòòwé tí ẹ lẹ̀ pa, kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka, níbi tí màá ti wá gbà á ní àkókò iṣẹ́. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka mọ̀, kí wọ́n lè tọ́ mi sọ́nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Mùsíò."

Nígbà tó kà á, ó ní, "Ó tutù bíi yìnyín."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ó fi fóònù kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ọkùnrin náà: "Ẹ káàsán, Mùsíò. N kò ní lè wá sílé yín. Mo ti kọ̀wé sí yín ní ẹ̀ka." Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, n kò bá a fi ẹnu sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé zẹ́mìjàn, ó lọ, ó sì padà wá fi ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ hàn mí.

Àgbàlagbà oníṣirò ti fèsì ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà, ìlà méjì: "Mo ti rí i. Màá kọ ọ́, wá gbà á ní ẹ̀ka ní Ọjọ́rú." Lẹ́yìn náà, ó tún kọ ìkẹta: "Èyí dára ju ti àná lọ." Obìnrin náà pè é ní tirẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù, ohùn tó le.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ni, Màdáámù."

"Màá kọ ọ́ pé o máa ń pẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù."

"Màá sì kọ ọ́ pé o jáwọ́ níbẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ẹ̀kẹta ló kù. Kò kọ̀wé, ohùn ló fi ránṣẹ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò mi sì fi í sí etí mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí ló dé tí o tún ń pè mí ní ẹ? Mo ti di bàbá rẹ? Ta ló ń bá ọ kọ̀wé?" Ẹ̀rín náà wá tán. "O mú ìwé kọjá lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, nítorí lẹ́tà. O rò pé o gbọ́n. Tóò, a ó rí i." Mo gbọ́ bí ó ṣe ń mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Mo fún àbúrò mi ní fóònù rẹ̀, mo sì fi aṣọ nu etí mi.

"Kí n fèsì?"

"Kí lo fẹ́ sọ?"

Ó rò ó. Ó tẹ̀ ẹ́: "Mo ti gbọ́, Mùsíò. Ẹ ṣeun." Kò fi ojú kankan sí i.

Ọjọ́rú kọjá. Ó gba ti oníṣirò, ó gba ti obìnrin náà. Ọjọ́bọ̀ kọjá, kò sí nǹkan kan lọ́dọ̀ akọ̀wé. Àbúrò mi kò jẹun. Ó wá bá mi ní Pobẹ̀, ó sùn sí ilé wa, ó ń yí lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Kò bá mi wí, ìbá sì sàn fún mi ká ní ó bá mi wí. Mo ń rò ó pé bí èmi kò bá dá sí i, ìwé náà ìbá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá sì rò ó dé ibi tí ìwé náà ìbá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní ilé yẹn, tí ìyá àwọn ọmọ wà ní Kútọnu, màá tún dìde lọ fọ ọwọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni akọ̀wé pè é. Ó ní olórí ẹ̀ka ti bi Mùsíò náà lẹ́ẹ̀mejì níbi ìpàdé pé ìwé ọmọbìnrin tó wà lórí tábìlì òun ńkọ́, nítorí òǹtẹ̀ ti wà lórí rẹ̀, kò sì lè sọ pé òun kò rí i. Àpòòwé ti wà nílẹ̀.

Àbúrò mi gbà á, ó sì sáré gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí n lè fi ẹ̀rọ yà á ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. A ya àpòòwé náà. Ìlà mẹ́ta péré ló kọ: akẹ́kọ̀ọ́ yìí wá sí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí òun darí, ó ṣe é bó ti yẹ, òun kò rí ohun tó lè dí i lọ́wọ́ láti ṣe ìkọ́ṣẹ́. Kò sí ìyìn kankan. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Bébà náà ń rùn lọ́fínńdà. Ó ti tú u sórí rẹ̀, tàbí ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e wá, mi ò mọ̀. Ó wọ́ gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó wọ inú gíláàsì ẹ̀rọ fótókópì, ẹni tó wọlé lẹ́yìn wa béèrè pé ta ló ń ṣe ìyàwó. Mo fi ṣóńṣó ìka méjì dì í mú, mo fi ẹ̀rọ yà á, mo fi gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà, kì í rùn. Wọ́n dá a lóhùn ní ọjọ́ Ajé pé kó máa bọ̀, kó mú ojúlówó ìwé náà dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọkùnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó ń kọ́ni, wọ́n ń kí i ní Mùsíò. Olórí ẹ̀ka kò bi àbúrò mi ní ìdí tí lẹ́tà kékeré fi gba ọwọ́ òun kọjá, mo sì rò pé ó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn náà rí mi lára, bóyá ju ti ọkùnrin náà lọ. Láti ìgbà yẹn, ọmọbìnrin méjì láti kíláàsì tó tẹ̀lé tiwọn ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àbúrò mi ló rán wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n bá àwọn tẹ lẹ́tà tó ní "lábẹ́ ọwọ́". Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kí àbúrò mi tó lọ síbi iṣẹ́, ó lọ kí màmá ní Yókò, ó kó ìwé rẹ̀ dání. Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ di ohun tí àwọn olùkọ́ sọ nípa ọmọ rẹ̀ mú lọ́wọ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo ka ti àgbàlagbà fún un, ó rẹ́rìn-ín. Mo ka ti obìnrin tó ní ó máa ń pẹ́, ó rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní obìnrin náà mọ ọmọ òun. Ó gba ẹ̀kẹta, ó gbé e sún mọ́ imú, ó sì gbé e jìnnà.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Àbúrò mi wò mí. Mo wò ó.

"Ẹni tó kọ ọ́ ni, màmá," ló wí.

Màmá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó wá dìde, ó fi bébà náà há ara igi lókè ibi tó ti ń dá gàrí, níbi tí iná kò lè dé ṣùgbọ́n tí èéfín ń gbà kọjá, ó sì padà sídìí agbada rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí àbúrò mi gbé e fún wọn ní ilé iṣẹ́ náà, ó ní obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ òun gbóòórùn èéfín lára rẹ̀, ó sì bi òun bóyá nídìí gàrí ni wọ́n ti bí òun.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù."